Ta ló jẹ owó ìyẹ̀fun yìí: ẹni tó rà á ni àbí ẹni tó lò ó?

Ọmọ Sábó
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èmi ni mò ń kọ ìwé owó ní ilé búrẹ́dì kan níbí ní Ìkòròdú, oṣù kẹrin mi rèé níbẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé Mọ́ńdè tó ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Òdiwọ̀n wa ni pé àpò ìyẹ̀fun oníkílò 50 kan gbọ́dọ̀ fún wa ní búrẹ́dì ńlá 100. Iye tí a kọ sílẹ̀ fún àpò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ₦60,000. Lóṣù tó kọjá, búrẹ́dì 20,000 la yan. Àpò 200 ló yẹ kó lọ sí i, àmọ́ àpò 214 ló jáde ní sítọ́ọ̀. Ọ̀gá tó ń rajà fún wa ti rí oníṣòwò tuntun kan, ó ra àpò 240 lọ́wọ́ rẹ̀, ₦57,000 fún àpò kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù nìyí: ní ti iye tí a rà á, ₦3,000 la fi jèrè lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀nà 240, ó jẹ́ ₦720,000. Ní ti ìlò, àpò 14 la fi kọjá, ní ₦60,000, ó jẹ́ àdánù ₦840,000.

Ìyá tó ni ilé iṣẹ́ ka ìwé náà tán, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá ìrajà, wọ́n wá yíjú sí ọ̀gá ilé ìyan pé kó kọ ìwé àlàyé, àti pé àwọn á máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò jiyàn. Nígbà tí a jáde ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Akáwó, lọ pò ó wò fúnra rẹ. Ìyẹ̀fun yẹn kì í mu omi."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ìwé tó fẹ́ ṣàkóbá fún un, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ṣé mo ṣì í kọ ni?

Bàbá Ìṣirò
Ọmọ Sábó, o ò ṣì í kọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Iye owó tí a fi rà á, ọwọ́ ẹni tó lọ sọ́jà ló wà, òun ló ń dúnàá dúrà. Iye tí a lò, ọwọ́ ẹni tó ń pò ó ló wà. Kí oníkálukú gbé ẹrù rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé ìyan bá lo àpò 14 lé, òun ló máa sọ ibi tó kó o gbà, kò sí àròyé.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rò pé o ṣì í ni pé o fi ₦60,000 ṣírò àpò 14 yẹn. Ìgbà tó jẹ́ pé ₦57,000 lẹ san, ₦57,000 ni kó o fi ṣírò rẹ̀. Ìyẹn á mú un wálẹ̀ sí ₦798,000.

Alábulọ́ọ̀kù Ìjẹdẹ̀
Gbogbo yín ń ṣe ìṣirò, ẹ ò rí olè tó dúró síwájú yín. Àpò 240 lẹ rà. Àpò 214 lẹ lò. Àpò 26 dà? Èmi náà rí irú ẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ńtì mi ń dín, mo ń bú àwọn ọmọ tó ń lù ú, àṣé ọdẹ ni, ó ń gbé e gba orí ògiri lóru fún oníkẹ̀kẹ́ kan. Ẹ mú ọdẹ yín.

Ọmọ Sábó
Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n Alábulọ́ọ̀kù. Àpò 26 náà wà ní sítọ́ọ̀, èmi àti sítọ́kípà jọ kà á lọ́jọ́ tí oṣù parí ni. Kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ò kàn wá.

Alábulọ́ọ̀kù Ìjẹdẹ̀
Tó bá wà níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì mú ọdẹ yín lójú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì Ìgbógbó
Ọmọ mi, ẹni tó sọ fún ẹ pé ìyẹ̀fun ò mu omi ò purọ́. Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń pò ó, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe máa yé ẹ.

Kì í ṣe ìyẹ̀fun nìkan là ń tà. Omi là ń tà pẹ̀lú. Ìyẹ̀fun tó lágbára, ìyẹn èyí tí okun inú rẹ̀ dára, o lè da omi bíi lítà 27 àbọ̀ sí àpò kan kó má sì rọ̀ jù. Tó o bá fi ṣúgà, bọ́tà, yíìsì àti iyọ̀ kún un, tí gbogbo wọn jẹ́ bíi kílò 7 àbọ̀, o ní kílò 85 nínú ẹ̀rọ. Tó o bá ń gé e ní giráàmù 850, ó di búrẹ́dì 100 géérégé. Mo fẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òdiwọ̀n yín.

Ìyẹ̀fun tí kò lágbára, tó o bá da omi tó tó bẹ́ẹ̀ sí i, ó máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó máa lẹ̀ mọ́ tábìlì, tó o bá fà á, ó máa já bí ẹ̀bà tútù, kò ní nà. Ẹni tó ń pò ó á wá dín omi kù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé lítà 24 ló gbà. Kílò 3 àbọ̀ ti lọ nìyẹn lórí àpò kan ṣoṣo. Kílò 81 àbọ̀ ló kù, tó o bá gé e ní 850, o ò ní rí ju 96 lọ. Búrẹ́dì mẹ́rin ti sọnù, kò sì sẹ́ni tó jí i.

Nítorí náà kí ẹ tó ní kí ẹnì kankan kọ ìwé àlàyé, ẹ ra àpò kan irú èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ pò ó láàárọ̀, kí ẹ pò ti tuntun tẹ̀ lé e, ẹnì kan náà, ẹ̀rọ kan náà, kí ìwọ fúnra rẹ dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wọn omi tó wọlé. Wọn gbogbo ìyẹ̀fun pípò tó jáde. Má gba "ó tó báyìí" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kó o ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, torí pé àpò kan lè yàtọ̀.

Òǹrajà Agbowá
Ẹ máa rọra o. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, wọ́n ti fẹ́ gbé e lé òǹrajà lórí.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, nílé iṣẹ́ mìíràn. Ìbéèrè tí mo ní rèé: nígbà tí wọ́n ní kí arákùnrin yẹn lọ ra ìyẹ̀fun, ṣé wọ́n kọ ọ́ fún un pé irú báyìí ni kó rà? Àbí wọ́n kàn ní, "Owó ti pọ̀ jù, wá ibi tó ti rọ̀"? Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọ̀gá máa ń pè mí lórí fóònù pé kí n gé owó, tí mo bá gé e tán, oníṣẹ́ á ní ọjà ò dáa. Ta ló gba ọjà yẹn wọlé nígbà tí ọkọ̀ gbé e dé? Ọ̀gá ilé ìyan náà wà níbẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n dá a padà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì Ìgbógbó
A kì í mọ̀ ọ́n lójú, ọmọ mi. Funfun ni gbogbo wọn. Ìgbà tí o bá pò ó lo máa mọ̀, nígbà yẹn wọ́n ti já 240 sílẹ̀, ọkọ̀ sì ti lọ.

Ọmọ Àgbádárìgì
Ẹ jẹ́ kí n mú òdìkejì rẹ̀ wá, torí Bàbá Ìṣirò ń sọ ọ́ bíi pé owó tí a rà á kò lè jẹ́ ẹ̀bi ẹlòmíràn láé.

Àgbọn la ń fún ní òróró níbí ní Àgbádárìgì. Iye tí a kọ sílẹ̀ fún àgbọn kan ni ₦300. Abúlé ni mo ti ń kó o, mo máa ń san owó ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, wọ́n á kó o jọ dè mí. Ní Fáídè kan, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀, ọ̀gá tó wà nídìí ẹ̀rọ pè mí pé àgbọn ti tán, oníbàárà sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tẹ̀rù bà mí. Mo sáré dé ọjà, mo ra 2,000 ní ₦380, nítorí pé alágbàtà rí i lójú mi pé mi ò lè padà sílé láì rà á. Nígbà tí oṣù parí, ₦160,000 jókòó sí orí mi nínú ìwé: "ọ̀gá ìrajà, iye tó rà á ga ju òdiwọ̀n lọ".

Ṣé èmi ni mo fà á? Bí ó bá ti sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ₦300 ni. Mo fi ọjọ́ tó pè mí àti ìwé ìbéèrè ọjà tí kò kọ hàn wọ́n, wọ́n gbé e kúrò lórí mi, wọ́n gbé e sí orí tirẹ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó lò ó jẹ gbèsè iye tí a rà á, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rà á ṣe lè jẹ gbèsè iye tí a lò.

Bàbá Ìṣirò
Ọmọ Àgbádárìgì, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojoojúmọ́. Tí a bá ní ká máa gbọ́ àròyé, gbogbo èèyàn ló ní àròyé. Ìwé tí a kọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ ní ibi tó dúró.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ìṣirò iye tí iṣẹ́ ń náni ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì, nítorí náà ìyẹ̀fun kì í ṣe àjèjì sí mi. Ẹ máa bínú, ó máa gùn díẹ̀.

Àkọ́kọ́, Bàbá Ìṣirò, ₦60,000 tí Ọmọ Sábó fi ṣírò àpò 14 ló tọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀gá ilé ìyan ò mọ iye tí wọ́n rà á. Bí a bá fi ₦57,000 ṣírò rẹ̀, a ti jẹ́ kí ọgbọ́n ìnàjà ẹlòmíràn dín ẹ̀bi tirẹ̀ kù. Bí oṣù tó ń bọ̀ bá di ₦66,000, a ó tún fi ẹ̀bi ọjà kún ẹ̀bi rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò 14 kan náà ló fi kọjá. Iye tó wà nínú òdiwọ̀n la fi ń ṣírò ìlò kí ó má baà sí ọwọ́ ọjà nínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ kíyè sí ohun tí Alábulọ́ọ̀kù bi. Olè ló ń wá, àmọ́ ó fọwọ́ kan ohun mìíràn láìmọ̀. Àpò 26 tó wà ní sítọ́ọ̀, ₦78,000 nínú ₦720,000 tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wá láti ara rẹ̀. Ẹ ti ka èrè orí wọn, ṣùgbọ́n a kò tíì yan wọ́n. Bí ìyẹ̀fun yẹn kò bá mu omi lóòótọ́, àdánù tó wà nínú wọn ń bọ̀ lóṣù yìí, orí ọ̀gá ilé ìyan ló sì tún máa já lé. Mo fọwọ́ sí i pé kí a máa ka ìyàtọ̀ láàárín iye tí a rà á àti iye òdiwọ̀n lọ́jọ́ tí a rà á, kì í ṣe lọ́jọ́ tí a lò ó, kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oṣù kan ṣoṣo dá ẹjọ́.

Ẹ̀kẹta, ohun tí Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ ni kí ẹ ṣe, kó tó di pé ẹ sọ̀rọ̀ kankan sí i. Ìyàtọ̀ inú ìwé ń sọ ibi tí owó gbà lọ, kò sọ ẹni tó tì í. Àpò 14 yẹn lè pín sí méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ fà, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó yan ìyẹ̀fun yẹn, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦720,000 rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí méjèèjì pa pọ̀. Èyí tó kù ni kí ọ̀gá ilé ìyan dáhùn fún.

Mo tún fẹ́ bi yín: iye ₦60,000 yẹn, ìgbà wo lẹ kọ ọ́? Tí gbogbo ọjà bá ti já wálẹ̀ láti ìgbà náà, òǹrajà yín ò fi ọgbọ́n kankan nájà, ọjà ló gbè é. Mo rántí bó ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ níbí ti ń wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á, nítorí náà òdiwọ̀n tí a kọ ní oṣù kìíní ọdún yẹn ti di ìtàn. Gbogbo òǹrajà pátá ló wà nínú gbèsè lórí ìwé, kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀. Iye tí àwọn ẹlòmíràn ń tà á ní oṣù tí ó rà á ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yíyọ owó nínú owó oṣù, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀gá tí wọ́n bá ti yọ owó rẹ̀ báyìí, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò lọ máa gé búrẹ́dì kéré. Ìwé yín á dára, oníbàárà yín á sì lọ.

Ọmọ Sábó
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an, mà á ṣe é. Oṣù kìíní la kọ ₦60,000 náà. Mo pe oníṣòwò wa àtijọ́ lónìí, ó ní ₦59,500 lòun ń tà á lóṣù tó kọjá. Àwọn tí a ń bá rajà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjà fún un ní ₦500, òun ló wá ₦2,500 tó kù. Ṣé gbogbo àpò 214 yẹn ni ìyẹ̀fun tuntun, àbí ti àtijọ́ wà nínú rẹ̀?

Ọmọ Sábó
Tuntun ni gbogbo rẹ̀, sà. Sítọ́ọ̀ ti gbẹ nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Sábó
Mo ti padà dé o. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ra àpò méjì ti àtijọ́, mo mú méjì nínú 26 tó wà ní sítọ́ọ̀. Ọmọkùnrin kan náà ló pò gbogbo rẹ̀. Ìyẹ̀fun àtijọ́ gba omi lítà 27 àti ìdajì, búrẹ́dì 100 àti 101 ló jáde. Ti tuntun, nígbà tí wọ́n da lítà 24 sí i, mo fọwọ́ kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi títí dé ọrùn ọwọ́, ọmọ náà ní kí n má bínú, ó ní ojoojúmọ́ ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà la dá omi dúró sí. A gé e ní giráàmù 850, sikéèlì wà níwájú mi, búrẹ́dì 96 nínú àpò méjèèjì. Ìyá Ìgbógbó, ẹ mọ nǹkan mà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá fi ìyẹ̀fun yìí yan 20,000 láì fi ohunkóhun ṣòfò, àpò 208 àti díẹ̀ ni. Àpò 8 àti ìdámẹ́ta ló jẹ́ ti ìyẹ̀fun, tó jẹ́ ₦500,000. Ó ku ₦340,000, ìyẹn àpò 5 àti díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn rèé. Lọ́jọ́ kejì, mo dé láì sọ fún ẹnikẹ́ni, agogo mẹ́rin ìdájí. Mo mú ìyẹ̀fun gígé mẹ́wàá lórí tábìlì, mo wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ 850. Láàárín 865 sí 875 ni gbogbo wọn wà. 870 ni wọ́n ń gé! Giráàmù 20 lórí búrẹ́dì 20,000 jẹ́ kílò 400, nígbà tí àpò kan sì ń mú kílò 81 àbọ̀ jáde, ó súnmọ́ àpò 5. Èyí tó kù kò tó àpò kan, mo rò pé ìyẹn ni ti ilẹ̀, èyí tó dànù àti èyí tó jóná.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìyan. Kò sẹ́. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìyẹ̀fun náà ti dé ni búrẹ́dì ò ti wú mọ́, ó ń jókòó sínú páànù bíi pé ó ń gbààwẹ̀, àwọn ìyá tó ń gbé e tà ní Sábó sì ń ní ó ti kéré. Ó ní òun fi giráàmù 20 kún un kí ó lè kún páànù.

Ta ló wá ni àpò 5 yìí o?

Òǹrajà Agbowá
Ẹ ò rí i! Ilé ìyan ló ni í. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn yí sikéèlì. Kí ẹ sì wo nǹkan kan: ₦57,000, ẹ pín in sí búrẹ́dì 96, ó jẹ́ ₦593.75. Ti àtijọ́ ní òdiwọ̀n jẹ́ ₦600. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nípa omi, ìyẹ̀fun tí arákùnrin yẹn rà ṣì dín owó kù ní ₦6 àti kọ́bọ̀ 25 lórí búrẹ́dì kan. Ó yẹ kí wọ́n ṣì pàtẹ́wọ́ fún un, bí kò tilẹ̀ le tó ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́
Ìṣirò rẹ tọ̀nà, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ₦60,000 kọ́ ni iye àtijọ́ lóṣù yẹn, ₦59,500 ni oníṣòwò sọ. Ìyẹn jẹ́ ₦595 fún búrẹ́dì kan. Èrè rẹ ti di ₦1 àti kọ́bọ̀ 25. Mi ò mọ ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ nítorí ìyẹn.

Òǹrajà Agbowá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbá mi mú. Àmọ́ èrè ni, kì í ṣe gbèsè.

Ìyá Oníbúrẹ́dì Ìgbógbó
Èrè inú ìwé. Ọmọ Sábó, mélòó ni àwọn ìyá alátà dá padà lóṣù yẹn? Búrẹ́dì tí kò wú, ọjọ́ kejì ló ti máa ń gbẹ. Wọ́n á gbé e padà wá fún yín, ẹ ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ìyẹn wà nínú ìyàtọ̀ ìyẹ̀fun?

Ọmọ Sábó
Kò sí níbẹ̀, mà. Ẹ̀ka tó ń tà ló ń kọ èyí tí wọ́n dá padà sínú ìwé tiwọn. Mà á lọ wò ó.

Ọmọ Àgbádárìgì
Lójú tèmi, òǹrajà ló ni àpò 5 náà pẹ̀lú. Bí ìyẹ̀fun bá wú, ọkùnrin yẹn ò ní fi giráàmù kankan kún un. Ohun kan ló fa ìkejì.

Bàbá Ìṣirò
Rárá o. Ibi tí mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà ni ti àpò 8, torí Ọmọ Sábó fi sikéèlì hàn wá. Mo gbà pé ó jẹ́ ti òǹrajà. Ti giráàmù 20, ẹni tó yí i mọ̀ pé òun ń yí òdiwọ̀n ilé iṣẹ́. Ó lè kọ ìwé kan ṣoṣo sí ìyá tó ni ibẹ̀ pé ìyẹ̀fun yìí ò dáa, ẹ jẹ́ ká dá a padà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́ fún oṣù kan gbáko.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́
Mo wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ìdí tó fi ṣe é ti ọ̀dọ̀ òǹrajà wá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n òun ló pinnu, òun nìkan ló sì mọ̀. Ohun tí ẹni kan pinnu, tó sì lè ṣàì pinnu rẹ̀, òun la máa ń bi. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìwé náà, mà á kọ ₦500,000 sábẹ́ ìrajà, mà á kọ nǹkan bíi ₦294,000 sábẹ́ ilé ìyan, mà á sì kọ àlàyé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, pé búrẹ́dì ò wú. Èyí tó kù, nǹkan bíi ₦46,000, kí wọ́n fi sílẹ̀. Kò sí ilé búrẹ́dì tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ ìyẹ̀fun.

Kí ìyá tó ni ilé iṣẹ́ náà sì mọ̀ pé ẹjọ́ wà lọ́rùn tiwọn. Kò sí ìwé kankan tó sọ irú ìyẹ̀fun tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà. Òdiwọ̀n yín kọ iye àpò, ó kọ iye owó, kò kọ lítà omi tó gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ kọ ọ́ sí i.

Ọmọ Àgbádárìgì
Mi ò tíì gbà, àmọ́ mo gbọ́.

Ọmọ Sábó
Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí iwájú ìyá lónìí, pẹ̀lú ìwé tí mo fi wọn omi. Wọ́n ò pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn á dúró ná lórí ọ̀rọ̀ yíyọ owó oṣù. Láti òní lọ, àpò kan ṣoṣo ni wọ́n á kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ oníṣòwò tuntun èyíkéyìí, ọ̀gá ilé ìyan á pò ó, á fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó ra tó kù. Ọ̀gá ìrajà ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Àpò 24 ṣì wà nílẹ̀ o. Kí la máa ṣe sí i?

Ìyá Oníbúrẹ́dì Ìgbógbó
Ẹ dà á pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, àpò kan sí mẹ́ta, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ omi láti lítà 26, kí ẹ máa wo ọwọ́. Kí wọ́n sì dá sikéèlì padà sí 850 kó tó di ọ̀la.

Alábulọ́ọ̀kù Ìjẹdẹ̀
Ẹ̀yin, àpò 26 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Sábó
Méjì la fi dán an wò, ẹ̀gbọ́n!